Ẹ Má Kàn Há jω Sórí

Inú àtẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ rí i. Lápá òsì wọ́n kọ dv/dt, lápá ọ̀tún wọ́n kọ jωV. Wọ́n ní ká há a sórí, a sì há a sórí. Èrò tiwa ni pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹni tó bá kàn há a sórí kò ní mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Níbi tí agbára rẹ̀ pin sí yìí la sì ti máa ń pàdánù máàkì.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀ ná. Ẹ mú ìgbì e^(jωt), níbi tí ω ti ń sọ bí ìgbì náà ṣe ń yí kíákíá tó. Bí ẹ bá ṣe dífírẹ́ńṣíéṣọ̀n rẹ̀, ohun tí ẹ máa rí ni jω·e^(jωt). Ìgbì yẹn kan náà ló padà wá, jω ló kàn sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ọ̀nà Fourier ń ṣe ni pé ó ń tú v(t) sí irú àwọn ìgbì báyìí, ó sì ń kọ iye tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí V(ω). Bí a bá ṣe dífírẹ́ńṣíéṣọ̀n gbogbo wọn pọ̀, kálukú á gba jω tirẹ̀. Kò sí àṣírí mìíràn níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká fi ṣiṣẹ́. Rẹsísítọ̀ 1 kΩ àti kàpásítọ̀ 10 µF wà lórí ìlà kan náà, a sì fi fóltéèjì u = 10 cos(314t) sí wọn lára. Ìgbì 50 Hz nìyẹn, bíi ti iná tó ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà. Fóltéèjì orí kàpásítọ̀ náà, v, ń tẹ̀ lé ìdọ́gba yìí:

RC·dv/dt + v = u

RC jẹ́ 0.01 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá gba ọ̀nà àtijọ́ á ṣe íńtígíréṣọ̀n e^(100t)·cos(314t), ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa tú u palẹ̀ kó tó bọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi jω rọ́pò dífírẹ́ńṣíéṣọ̀n, ìṣirò áljébrà lásán ló kù:

(1 + 0.01jω)V = U
V = U / (1 + 0.01jω)

Níbi tí ω ti jẹ́ 314, ohun tí a fi ń pín jẹ́ 1 + 3.14j. Títóbi rẹ̀ jẹ́ 3.30, igun rẹ̀ sì jẹ́ 72.3°. Nítorí náà v = 3.03 cos(314t − 72.3°). Ìgbì 10 fóltì ti di nǹkan bíi 3, ó sì ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tẹ̀ lé èyí tó wọlé.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn, tí wọ́n á sì ṣí ìwé sójú ewé kejì. Ẹ dúró. Ẹ fi t = 0 sínú rẹ̀: v jẹ́ 0.92 fóltì. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè sọ pé kàpásítọ̀ náà ṣófo nígbà tí a tan súìṣì! Níbo ni 0.92 ti wá?

Ìdáhùn náà kò parọ́, ìbéèrè mìíràn ló dáhùn. Lójú rẹ̀, ìgbì yìí ti wà láti ayébáyé, kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tan súìṣì. Ohun tó sọ nù ni A·e^(−100t), tó bá RC·dv/dt + v = 0 mu. Bí a bá kọ ìdọ́gba yìí lọ́nà Fourier, a ó rí (1 + 0.01jω)V = 0. Kò sí ω gidi kankan tó lè sọ ohun inú àkámọ́ yẹn di òdo, nítorí náà V = 0 nìkan ló lè jáde. Ohun tó fà á ni pé bí a bá ń padà sẹ́yìn nínú àkókò, ńṣe ni e^(−100t) ń tóbi láìlópin, kò sì ṣeé tú sí ìgbì. Àwa fúnra wa la máa dá a padà. A gbọ́dọ̀ jẹ́ −0.92 kí v lè bẹ̀rẹ̀ láti òdo:

v = 3.03 cos(314t − 72.3°) − 0.92e^(−100t)

Lẹ́yìn 0.05 ìṣẹ́jú àáyá, apá kejì yìí ti di nǹkan bíi 0.006 fóltì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ìgbì ní láàbù kì í fi í hàn wá, àfi tí a bá tètè mú un níbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan láàárín wa ní ká kúkú máa lo ọ̀nà Laplace nígbà gbogbo, nítorí sV − v(0) ló ń fi rọ́pò dv/dt, ìbẹ̀rẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀. A gbà fún wọn bí ìbéèrè bá mẹ́nu kan súìṣì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí a sọ iye ìgbì tó kù lórí kàpásítọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti fara balẹ̀, ìlà méjì péré ni jω fẹ́, ẹni tó bá lo Laplace sì máa ṣiṣẹ́ gígùn kó tó wá ju e^(−100t) nù.