Ohun Tí Àwo Irin Kò Lè Rí: Lẹ́tà sí Kọmíṣánnà Ètò Ìlú ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Kọmíṣánnà wa, ẹni ọ̀wọ̀,

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ilẹ̀ ni mò ń ṣe, ìwé kan ṣoṣo nínú fáìlì àwọn tó ń tọrọ àṣẹ ìkọ́lé ló sì mú mi kọ̀wé: èsì ìdánwò àwo irin.

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ kan ní ìhà Lẹ́kì ṣe àpẹẹrẹ, irà tí wọ́n da iyanrìn dí. Wọ́n gbẹ́ kòtò dé ibi tí ìpìlẹ̀ òpó yóò jókòó sí, wọ́n tẹ́ àwo irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 0.3 síbẹ̀, wọ́n ń fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, géèjì sì ń ka bó ṣe ń rì. Nígbà tí ẹrù pé tọ́ọ̀nù 15 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, àwo rì ní mìlímítà 4. Ìpìlẹ̀ gan-an yóò fẹ̀ ní mítà 2. Wọ́n wá lo ìṣirò Terzaghi àti Peck, níbi tí B ti jẹ́ ìbú ìpìlẹ̀, tí s sì jẹ́ rírì àwo:

```
S = s × [2B / (B + 0.3)]²
```

Ó fún wọn ní mìlímítà 12. Wọ́n ti fàyè gba 25, nítorí náà fáìlì yege.

Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa. Bó ti wù kí ìpìlẹ̀ fẹ̀ tó, kò ní sọ pé yóò rì ju ìlọ́po mẹ́rin àwo lọ láéláé. Iyanrìn tó rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹrù ìpìlẹ̀ a máa wọ ilẹ̀ lọ dé nǹkan bí ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀: ti àwo kò ju mítà 0.6 lọ, ti ìpìlẹ̀ yóò dé mítà 4. Bí amọ̀ rírọ̀ tó nípọn ní mítà 2 bá wà ní mítà 1.5 lábẹ́ ìpìlẹ̀ ńkọ́? Láàárín amọ̀ náà, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 lórí mítà onígun mẹ́rin ni ìpìlẹ̀ yóò gbé lé e. Ti àwo kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn. Lábẹ́ tọ́ọ̀nù 3, irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fún pọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà 6 nìyẹn, ìyẹn mìlímítà 60, yàtọ̀ sí 12 tó wà nínú fáìlì.

Kò sì ní ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Omi inú amọ̀ ní láti jáde kó tó fún pọ̀, èyí sì lè gba oṣù tàbí ọdún, nígbà tí ìdánwò kì í ju wákàtí mélòó kan lọ. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti kun ilé lọ́dà ni ògiri yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sán, pàápàá bí amọ̀ abẹ́ òpó kan bá nípọn ju ti èkejì lọ.

N kò ní kí ẹ fagi lé ìdánwò náà o. Ó wúlò fún iyanrìn òkè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kì mọ́lẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má ṣe gbà á láìsí àkọsílẹ̀ ihò tí wọ́n lu wọ ilẹ̀, tó jìn kọjá ìlọ́po méjì ìbú ìpìlẹ̀ tó fẹ̀ jù, àti èsì amọ̀ tí wọ́n bá bù jáde níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ẹnjinníà ilẹ̀ kan ní Èkó