Ta Ló Yí Òǹkà Èṣí Padà?

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ránṣẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo débẹ̀, ìwé ìṣirò ọdọọdún ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ní ṣíà nínú rẹ̀ wà lórí tábìlì, ti èṣí àti ti ọdún yìí, wọ́n ṣí méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n ti fi gègé pupa fàlà sábẹ́ òǹkà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé èṣí ní ṣíà kan jèrè náírà 3. Ìwé ọdún yìí tún sọ̀rọ̀ èrè èṣí yẹn kan náà, àmọ́ náírà 2 àti kọ́bọ̀ 40 ló pè é.

"Ọmọ mi, èṣí kan ṣoṣo la ní. Báwo ló ṣe wá ní èrè méjì? Bí ọmọ kíláàsì mi bá ṣe báyìí, òdo ni mo máa fún un."

Mo ní kí wọ́n má tíì fún ẹnikẹ́ni lódo. Òǹkà tí wọ́n yí padà yẹn gan-an ló ṣeé gbà gbọ́ jù nínú ìwé méjèèjì.

Èrè orí ṣíà kan kò ju ìṣirò pínpín lọ: a ó mú èrè ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó orí, a ó fi iye ṣíà tó wà níta pín in. Lórí òkè ni gbogbo ènìyàn máa ń wò, níbi tí èrè wà. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Lọ́dún èṣí, ilé iṣẹ́ náà jèrè mílíọ̀nù 12 náírà, ṣíà mílíọ̀nù 4 ló sì ní, ìyẹn náírà 3. Lọ́dún yìí, wọ́n pín bónọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ní ṣíà mẹ́rin gba ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣíà di mílíọ̀nù 5. Èrè gbéra díẹ̀, ó di mílíọ̀nù 12 àti ààbọ̀, ìyẹn náírà 2 àti kọ́bọ̀ 50 lórí ẹyọ kan.

Kò sí ẹni tó mú kọ́bọ̀ kan wọlé nítorí bónọ́ọ̀sì yẹn. Iṣu kan náà ni, ọ̀bẹ ló tún bà á. Bí a bá wá fi 2.50 ọdún yìí wé 3 ti èṣí, a ó pariwo pé ọjà bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ó dára sí i. Ìdí nìyẹn tí òfin ìṣirò tí wọ́n ń pè ní IAS 33 fi ní kí wọ́n ka ṣíà bónọ́ọ̀sì bí ẹni pé ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ tí ìwé náà fi hàn. Mílíọ̀nù 12 èṣí tí a bá fi mílíọ̀nù 5 pín, 2.40 ló ń jẹ́. Láti 2.40 sí 2.50, ó gòkè. Kódà bí wọ́n bá pín bónọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí ọdún ti parí, ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì fọwọ́ sí ìwé ìṣirò náà, bákan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà á.

Màmá ní ó yé àwọn. Wọ́n wá fa lẹ́tà kan yọ láti abẹ́ àga tìmùtìmù. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló kọ ọ́: wọ́n fún àwọn onípìn-ín rẹ̀ láǹfààní láti ra ṣíà tuntun kí wọ́n tó tà á fún ará ìta, ní iye tó dín sí ti ọjà. Ráìtì nìyẹn. "Ṣé kì í ṣe bónọ́ọ̀sì tí a ń sanwó fún ni?"

Mi ò rí akọ̀ròyìn okòwò kan tó tíì túmọ̀ rẹ̀ kó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ló wà nínú ráìtì. Owó tuntun wọlé, owó yẹn á sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó wọlé nìkan. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ sì dà bí bónọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká tún lo ṣíà mílíọ̀nù 4 yẹn. Náírà 20 ni wọ́n ń ta ẹyọ kan lọ́jà, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní mẹ́rin ra ọ̀kan ní náírà 10. Ṣíà mẹ́rin àtijọ́ jẹ́ náírà 80, a fi 10 kún un, ó di 90 lórí ṣíà márùn-ún. Ó yẹ kí ẹyọ kan wálẹ̀ sí náírà 18. Ìwọ̀n ẹ̀dínwó náà nìyẹn, 20 sí 18.

Náírà 3 èṣí, a ó fi 18 lọ́po, a ó fi 20 pín, ó di 2.70. Fún ọdún yìí, ká ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni owó wọlé. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 4 lọ́nà 20 pín sí 18, ìyẹn mílíọ̀nù 4.44, a ó mú ìdajì rẹ̀. Oṣù mẹ́fà tó kù, ìdajì mílíọ̀nù 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4.72. Bí èrè ọdún bá jẹ́ mílíọ̀nù 12.75, ẹyọ kan jèrè 2.70. Alága ilé iṣẹ́ lè dìde nípàdé kó ní èrè fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mílíọ̀nù náírà ju ti èṣí lọ, kò sì parọ́. Lójú ẹni tó ní ṣíà, ibi tí a wà léṣìí náà la ṣì wà.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó sún mọ́lé, ẹ wo International Breweries, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà, àwọn tó ń pọn Trophy. Lọ́dún 2024, wọ́n ṣe ráìtì mẹ́fà fún ẹyọ kan, ní náírà 3 àti kọ́bọ̀ 65, láti wá nǹkan bíi bílíọ̀nù 588 náírà. Ṣíà tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 27. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, ìlọ́po méje ni. Àdánù ni wọ́n sì ń kọ sínú ìwé láti 2019 títí dé 2023.

Ibí yìí ni ojú ti ń fọ́ ènìyàn, nítorí àdánù náà ni wọ́n ń pín. Ká kàn fi ṣe àpẹẹrẹ: ilé iṣẹ́ kan pàdánù náírà 2 lórí ẹyọ kan, ó sọ ṣíà di ìlọ́po méje, ó sì tún pàdánù iye owó kan náà gan-an lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kọ́bọ̀ 29 péré ni yóò hàn. Ṣé àtúnṣe èṣí yóò ràn wá lọ́wọ́? Díẹ̀ ni. Bí ọjà bá ń tà á ní 4.50 tí ráìtì jẹ́ 3.65, ẹ̀dínwó náà kéré, náírà 2 yẹn yóò kàn di 1.68. Ìyókù tó fi wálẹ̀ kì í ṣe pé iṣẹ́ ń dára. Ṣíà tó gbé àdánù náà ló pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí àdánù orí ṣíà bá dín kù lẹ́yìn ráìtì ńlá, ẹ lọ wo àròpọ̀ àdánù náà kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.

Ibì kan wà tí èmi fúnra mi kò ti fọkàn tán ìṣirò yìí. Iye tí wọ́n ta ṣíà kẹ́yìn kí ẹ̀tọ́ ráìtì tó yà kúrò lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀dínwó. Àwọn ṣíà kan wà ní ọjà Èkó tí ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rà wọ́n lọ́pọ̀. Iye orí wọn kàn dúró síbẹ̀ bí aago tó ti kú. Bí a bá fi irú iye bẹ́ẹ̀ tún òǹkà èṣí ṣe, a ti fi òǹkà tí kò dájú wọn ọdún méjì.

Màmá béèrè ibi tí wọ́n máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Mo ṣí àlàyé ẹ̀yìn ìwé náà fún wọn, níbi tí wọ́n ti ka iye ṣíà tí wọ́n fi pín èrè ọdún kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 5 ló wà fún ọdún yìí, mílíọ̀nù 5 náà ló wà fún èṣí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré kan pé wọ́n tún un ṣírò. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré débi pé wọ́n ní láti lọ mú awò wọn wá. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mú gègé pupa, wọ́n fagi lé náírà 3 nínú ìwé èṣí.