Kírétíìnì nínú ààwẹ̀: ẹ yé sáré, Ràmàdáánì fúnra rẹ̀ tó

1/ Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irin tí ẹ sì ń gba ààwẹ̀, ẹ sún mọ́ ibí, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. Ní gbogbo ọdún, tí Ràmàdáánì bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ìbéèrè kan náà ló máa ń kún inú fóònù mi: "Ẹ̀gbọ́n, kírétíìnì ńkọ́? Aago mélòó ni kí n máa mu ún?" Èsì mi ni pé kí ẹ mu ṣíbí kékeré kan, lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ ìṣínu. Ó tán. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí ìyẹ̀fun funfun yìí ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi rí.

2/ Ọdún méjì sẹ́yìn ni. Mo ra ike 300 gíráàmù n'Ìbàdàn, ó ku ọjọ́ méjì kí a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Kọ́kọ́ fi kún ara ẹ dáadáa. 20 gíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, pín in sí mẹ́rin." Irọ́ kọ́ ló pa o. Ọ̀nà kan tí àwọn èèyàn ń gbà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́: 5 láàárọ̀, 5 lọ́sàn-án, 5 nírọ̀lẹ́, 5 lálẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní àárọ̀ àti ọ̀sán nínú Ràmàdáánì?

3/ Èmi ọlọ́gbọ́n bá pín in sí méjì. 10 gíráàmù nígbà ìṣínu, 10 nígbà sààrì. Ọjọ́ kìíní, inú mi ń kùn. Ọjọ́ kejì, mo ní ẹ̀wà ni. Ní ọjọ́ kẹta, kí a tó kírun Àìlà, mo ti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà mẹ́rin. Ẹnu mi gbẹ bí ẹni jẹ ẹ̀lùbọ́ lásán, tí mo bá sì dìde, òòyì á máa kọ́ mi. Màámi wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́run ò ní kí o pa ara ẹ. Mu omi." Mo mu omi. Ààwẹ̀ ọjọ́ náà lọ. Inú oṣù Ṣáwwálì ni mo ti san án padà.

4/ Aláìsàn ní àyè láti tú ààwẹ̀ kó sì san án padà, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa àìsàn yìí, nítorí ohun tí kò nílò ìkánjú rárá. Tí ẹ bá mọ bí kírétíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní ṣe irú ẹ̀ láé.

5/ Ẹ fi ojú inú wo ike omi ńlá kan lẹ́yìnkùlé. Iṣan ara yín ni ike yẹn. Ẹni tó bá wọn nǹkan bí kílò 70 ní tó 120 gíráàmù kírétíìnì nínú ara, inú iṣan ló sì pọ̀ sí jù. Lójoojúmọ́, nǹkan bí 2 gíráàmù péré ló ń jò jáde. Ẹran àti ẹja tí a ń jẹ ń dá díẹ̀ padà, ara fúnra rẹ̀ sì ń ṣe díẹ̀. Ìyẹ̀fun tí à ń mu kàn ń ti omi ike yẹn sókè kọjá ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀ ni.

6/ Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí: tí ẹ bá gbé irin lálẹ́ òní, kì í ṣe ṣíbí tí ẹ mu ní wákàtí kan sẹ́yìn lẹ ń lò. Ohun tó ti wà nínú ike láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn lẹ ń lò. Kírétíìnì kò dà bí kọfí, tí èèyàn á mu tí ojú ẹ̀ á là lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "aago mélòó" kì í fi í ṣe ìbéèrè gidi. Ìbéèrè gidi ni, "Ṣé o mu ún lónìí?" Àwọn kan ní lẹ́yìn irin gbígbé ló dáa jù. Tí ìyàtọ̀ bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, ó kéré débi pé kò tó ohun tí èèyàn ń pàdánù oorun lé lórí.

7/ Ẹ wá gbọ́ èyí. Lọ́dún 1996, Hultman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan. Wọ́n fún àwọn kan ní 20 gíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ 6. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní 3 gíráàmù péré lójúmọ́ fún ọjọ́ 28. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣan wọn wò, ibì kan náà ni ike àwọn méjèèjì kún dé. Àwọn tó sáré tètè dé ni, àmọ́ wọn ò dé ibi tó ga jù.

8/ Ọjọ́ 28! Ọjọ́ mélòó ni Ràmàdáánì? 29 tàbí 30. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò mu ún rí, tó bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré, ike rẹ̀ á ti kún kí ìtúnu ààwẹ̀ tó dé. Oṣù náà gan-an bá iṣẹ́ yìí mu. Àwa la ń fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe é, torí ìkánjú.

9/ Kí ló dé tí sísáré fi burú nínú ààwẹ̀ ju ìgbà mìíràn lọ? Tí èèyàn bá da 10 gíráàmù sínú lẹ́ẹ̀kan, ìfun kì í lè gba gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù á máa fa omi wọ inú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru á sì dé. 5 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ lásán, tí inú bá ṣí, ẹ ó mu omi, ẹ ó tún mu iyọ̀ àti ṣúgà. Nínú ààwẹ̀, tí inú bá ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ku wákàtí mọ́kànlá kí omi tó kan ọ̀nà ọ̀fun. Ìdí nìyí tí mi ò fi kì í fi í sí sààrì. Tó bá máa yọ mí lẹ́nu, kó yọ mí lẹ́nu lálẹ́, nígbà tí omi wà nítòsí.

10/ Bí èmi àti àbúrò mi ṣe ṣe é lọ́dún tó tẹ̀ lé e nìyí. Bí kílò 70 lòun náà. Tí wọ́n bá ti pe ìrun Mọ̀gáríbì, ní nǹkan bí aago méje, dàbínù mẹ́ta àti omi la fi máa ń ṣínu. A ó kírun. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín. Inú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la máa ń po 5 gíráàmù sí, torí kì í tètè yòrò nínú omi tútù, á kàn jókòó sí ìsàlẹ̀ ife bí iyanrìn ni. A ó mu ún mọ́ oúnjẹ, a ó tún mu ife omi kan lé e. Tí a bá ti kírun Íṣáì àti Tàráwíì tán, a ó lọ gbé irin fún bí ìṣẹ́jú 45. Láti ìgbà yẹn títí di sààrì, omi la ń mu díẹ̀díẹ̀. A kì í da lítà méjì lura ní aago márùn-ún àárọ̀ bí ẹni ń bomi sínú kẹ̀ǹgbẹ̀.

11/ Ọjọ́ méjì ni àbúrò mi gbàgbé láti mu ún láàárín oṣù yẹn. Ó fẹ́ jí ní aago méjì òru torí ẹ̀. Mo ní kó sùn jàre. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: 2 gíráàmù ló ń jò lójúmọ́ nínú nǹkan bí 120. Ìdá kan nínú ọgọ́ta nìyẹn. Kódà tí èèyàn bá dá a dúró pátápátá, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ike tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Torí náà, tí ẹ bá gbàgbé lónìí, ẹ mu ti ọ̀la lọ́la. Kò sídìí láti dì í ní ìlọ́po méjì.

12/ Ẹ tún ṣírò owó ẹ̀. Ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà, ọjọ́ mẹ́fà péré ni ó fi ń jẹ 120 gíráàmù nínú ike 300. 5 gíráàmù lójúmọ́ fún 30 ọjọ́ jẹ́ 150, ìdajì ike ṣì kù lẹ́yìn ìtúnu. Tí ẹ bá fi 3 gíráàmù ṣe é, 90 péré ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike o, torí ṣíbí inú ike kan kì í ṣe ọgbọọgba pẹ̀lú ti òmíràn.

13/ Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní òru gígùn ni ẹ ń sọ̀rọ̀." Òótọ́ ni. Nígbà tí Ràmàdáánì bọ́ sí oṣù kẹfà lọ́dún 2016, ààwẹ̀ tiwọn níbẹ̀ lé ní wákàtí 18. Bí wákàtí márùn-ún ló kù fún jíjẹ àti mímu. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ife kan ṣoṣo ni 5 gíráàmù. Bí òru bá ṣe kúrú tó ni ọ̀nà ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ yìí ṣe ń wúlò sí i, torí ọ̀nà ẹ̀ẹ̀mẹrin ò ní àyè níbẹ̀ rárá.

14/ Ohun mẹ́ta kí n tó sinmi. Àkọ́kọ́, ara yín lè fi bíi kílò kan kún. Omi tó wọ inú iṣan ni, ọ̀rá kọ́. Èkejì, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ní àìsàn, kó má fọwọ́ kàn án láìrí dókítà. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ẹ sọ pé ẹ ń mu ún. Nǹkan kan wà tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín nínú ẹ̀jẹ̀, ara kírétíìnì ló sì ti ń wá. Ó lè ga díẹ̀ láìjẹ́ pé kíndìnrín ń ṣàìsàn, kí wọ́n má baà dá àyà yín já lásán.

15/ Èrò tèmi rèé, ẹ bá mi jiyàn tí ẹ bá fẹ́: ẹni tó bá ní kí ẹ fi ọjọ́ mẹ́fà kún ara yín nínú Ràmàdáánì, ó mọ kírétíìnì, kò mọ ààwẹ̀. Ẹni tó sì ní kí ẹ pa á tì títí oṣù á fi parí, ó mọ ààwẹ̀, kò mọ kírétíìnì. Ife kan, lálẹ́, pẹ̀lú ẹ̀kọ yín. Tí inú yín bá ṣí, ẹ dín in kù sí 3 tàbí kí ẹ fi sílẹ̀. Irin á ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìtúnu. Èmi ṣì rántí adùn omi tí mo mu lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mi ò sì gbàdúrà kó dùn mọ́ yín lẹ́nu bẹ́ẹ̀.