Fọ́ọ̀mù Tó Ń Ka Lẹ́tà Mọ́ni Lọ́wọ́

Ẹni tó bá ti wá sikọ́láṣíìpù lọ sí òkè òkun rí yóò mọ àpótí kan lórí fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ní kí èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, kó má sì ju àmì 2,000 lọ. Àmì ni wọ́n wí o, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kọ́mà wà nínú rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì náà kò gbẹ́yìn. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, kò ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 300 ó lé díẹ̀ lọ. UCAS, àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù ìwọlé sí yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà kí èèyàn kọ àmì 4,000, bẹ́ẹ̀ ìwọlé nìkan nìyẹn, kò tíì kan ọ̀rọ̀ owó.

Ṣé ó tọ́ kí wọ́n máa fún èèyàn lọ́rùn báyìí? Àwọn kan ní ó tọ́, àwọn kan ní ìyà ni. Èmi rò pé ìhà méjèèjì ló ní ẹjọ́ tó yẹ ká gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ṣàpẹẹrẹ. Ẹ̀sítéètì Jákàńdè ní Ìsọlọ̀ ló ń gbé, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ìjọba Gómìnà Lateef Jákàńdè kọ́ fún mẹ̀kúnnù láàárín ọdún 1979 sí 1983. Ó kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ jáde ní LASU, ó sì fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí omi òjò nínú ìlú ńlá. Nígbà tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó jẹ́ àmì 3,100. Àmì 1,100 gbọ́dọ̀ jáde.

Ibí yìí ni àwọn tó gbè lẹ́yìn òfin náà ti jàre. Ohun tó kọ́kọ́ yọ kúrò ni gbólóhùn pé láti kékeré ni iṣẹ́ ẹ̀rọ ti wà lọ́kàn òun, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń kọ. Orúkọ iléèwé rẹ̀ àti máàkì tó gbà tẹ̀lé e, nítorí ojú ewé mìíràn lórí fọ́ọ̀mù kan náà ti béèrè wọn. Ìyìn tó fi yin yunifásítì tó fẹ́ lọ náà jáde. Kò sí èyí tí ẹni tó ń kà á yóò béèrè nínú wọn. Ohun tó wá kù ni èyí tí òun nìkan lè kọ: pé ní àsìkò òjò, ó fi ọ̀dà fa ìlà sára gọ́tà tó wà lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù wọn, ó ń kọ bí omi ṣe ga tó sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí, títí ó fi rí i pé ìgbà tí òjò bá ti dá tán ni omi ń ga jù, torí pé kánáàlì tó ti kún ló ń tì í padà wá. Nínú àmì 3,100, àárín gbùngbùn ni ọ̀rọ̀ yìí sápamọ́ sí. Nínú 2,000, òun ló wá síwájú.

Wọ́n tún ní ìwọ̀n yìí ń gba aláìní lọ́wọ́ olówó, nítorí kò sí bí akọ̀wé tí olówó háyà ṣe lè fi ojú ewé mẹ́rin ọ̀rọ̀ dídùn bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Mo gbà á dé ààbọ̀. Ẹni tó lówó lè sanwó fún ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ gé náà.

Ní ìhà kejì, ẹ wo kánáàlì yẹn. Kánáàlì Òkè-Àfà ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kíní ọdún 2002, ibi tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù pamọ́ sí ní bárékè àwọn sójà n'Íkẹjà gbiná. Àwọn èèyàn ń sá kiri nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ sì kó sínú kánáàlì náà, nítorí ewéko tó bo ojú omi kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé omi ni. Ẹ̀mí tó bá ìjàǹbá náà lọ lé ní 1,000. Ọmọ tó bá dàgbà ní Jákàńdè kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ omi fi wọ òun lára. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ka fọ́ọ̀mù nílò rẹ̀, àlàyé náà ní Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè dín ní nǹkan bí àmì 250, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tó bá dárúkọ odò Thames ti sọ tiẹ̀ tán. Àpótí méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó sínú wọn kò dọ́gba rárá. LASU náà ń kọ́? Àmì 4 ni, ṣùgbọ́n àlejò kò mọ̀ ọ́n. Tí ó bá kọ Lagos State University, ó di 22.

Ẹ̀rọ tó ń ka àmì náà kì í ka tiwa bó ṣe ń ka ti ẹlòmíràn. Ìsọlọ̀ jẹ́ lẹ́tà márùn-ún lójú ẹni tó bá ń kà á. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀ tó ní àmì lókè àti lábẹ́, bó ṣe wà fún é tí àwọn Faransé ń lò. Lẹ́tà ni wọ́n kà, wọ́n sì tún ka àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìsọlọ̀ wá di 6. Tí kíbọọ̀dù tí ó fi tẹ̀ ẹ́ bá ń ya gbogbo àmì sọ́tọ̀, ó di 9. Àwọn kan á ní kó yọ àmì kúrò, kó kọ ọ́ bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú rẹ̀ àti orúkọ ara rẹ̀ ló ń gé yẹn.

Ìjàǹbá tó wọ́pọ̀ jù, síbẹ̀, ni ti Enter. Microsoft Word kì í kà á mọ́ àmì. Fọ́ọ̀mù orí ayélujára ń kà á, àwọn mìíràn sì ń kà á sí méjì. Ìpínrọ̀ márùn-ún tí a fi ìlà òfìfo yà síra ní Enter mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ tí Word pè ní 1,995 lè di 2,003 tàbí 2,011 lórí fọ́ọ̀mù. Èyí tó bá kọ̀ ọ́, tó ní ó ti pọ̀ jù, ṣe é lóore. Èyí tó burú ni èyí tó gbà á, tó wá gé ìparí rẹ̀ dànù láìsọ̀rọ̀, tí gbólóhùn tó kẹ́yìn fi dúró láìparí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí èèyàn fi lè mọ̀ ni kó tún ṣí ohun tó ti péèsì, kó kà á dé ìsàlẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́.

Tí wọ́n bá ní kí n dá ẹjọ́ yìí, n kò ní ní kí wọ́n mú ìwọ̀n kúrò. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù jọ gègèrè kò lè ka ojú ewé mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀rọ̀ gọ́tà ọmọbìnrin wa sì dára sí i nígbà tí wọ́n fún un lọ́rùn. Àmọ́ kò yẹ kí àlàyé ibi tí èèyàn ti wá máa jáde láti inú àpótí kan náà. Ní báyìí, lẹ́tà olùkọ́ tó jẹ́rìí sí i ló lè gba ẹrù yẹn: kí ó bẹ olùkọ́ náà pé kó kọ nípa Òkè-Àfà àti ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí òun wá fi àmì 250 yẹn ṣàlàyé ìwọ̀n omi tó kọ sílẹ̀. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí ṣáájú, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù kò sì pọ̀. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà bóyá ẹ ń ka Enter àti àmì ohùn, kí ẹ sì fi àpótí kékeré mìíràn sí i, àmì 300 péré, níbi tí ọmọ Ìsọlọ̀ ti lè sọ ohun tí ẹ̀yin kò mọ̀ nípa ìlú rẹ̀.