Ṣáájú kí o tó pe púlọ́mbà ní olè, jẹ́ ká rí mẹ́sééjì tí o fi ránṣẹ́ sí i

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan tí ò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Gbogbo ìgbà la máa ń bú àwọn púlọ́mbà lórí ayélujára. "Ó fọ́ táìsì mi dànù." "Ó gbowó, omi ṣì ń jò." Èmi náà ti bú wọn rí. Àmọ́ ní oṣù Kìíní ọdún yìí, nílé ìyá mi l'Ómù-Àrán, mo rí i pé èmi gan-an ni mo jẹ́ kí wọ́n fọ́ táìsì.

2. Ìsàlẹ̀ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ rin. Ọ̀dà ń wú, ó ń bó. Kò sí omi kankan tó ń ṣàn nílẹ̀. Màmá kàn ń ṣàkíyèsí pé táńkì tí àwọn kún lálẹ́, ó ti fà lọ sísàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, yúnìtì iná sì ń tán bíi pé ẹnì kan ń jẹ ẹ́. Bọ́hò la ń lò, iná ló ń fa omi yẹn. Omi tó ń sọ nù, owó iná ni.

3. Mo tẹ mẹ́sééjì sí púlọ́mbà kan láti Ìlọrin tí mo wà: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, omi ń jò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wò ó." Ó tán. Ọkùnrin náà dé, ó rí ibi tó rin, ó fọ́ táìsì mẹ́ta níbẹ̀. Yanrìn abẹ́ rẹ̀ tutù, àmọ́ páìpù tó bá níbẹ̀ gbẹ táútáú. Ó ní òun á tún fọ́ síwájú. Màmá ní kò ṣeé ṣe. Bàbá mi tó ti dolóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan táìsì yẹn, irú rẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́. Wọ́n fìjà túká. Èmi náà bá wọn bínú lórí fóònù.

4. Ìgbà tí inú mi rọ̀ ni mo bi ara mi léèrè: kí ni mo sọ fún ọkùnrin yìí gan-an? Mo sọ fún un pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jò. Ta ló sọ fún mi pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jò? Ibi tí omi ti yọ ni mo rí, mi ò rí ibi tó ti ń jò. Omi inú ògiri àti abẹ́ kọnkéré máa ń rìn kó tó fara hàn. Ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló máa gbà. Mo fi èrò mi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́, ó sì fi òòlù tẹ̀ lé èrò mi.

5. Ẹlòmíì á ní, "Ṣé kí n wá máa bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni?" Rárá o. Àmọ́ wò ó báyìí: púlọ́mbà á lo wákàtí kan tàbí méjì nílé yín, ní ọ̀sán, nígbà tí gbogbo èèyàn ń lo omi. Ìwọ lò ń sùn níbẹ̀. Ohun tí omi ń ṣe láàárín aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, ìwọ nìkan lo lè mọ̀ ọ́n. Ìdajì ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ, òun ò sì lè rí i bí o kò bá sọ.

6. Mo bá wọ mọ́tò lọ sílé. Àwọn tó wà nílùú òyìnbó, mítà omi ni wọ́n máa ń wò: wọ́n á ti gbogbo ẹ̀rọ pa, wọ́n á wò ó bóyá ó ṣì ń yí. Àwa ò ní mítà omi nílé, àmọ́ a ní táńkì. Táńkì ni mítà wa. Mo wá igi gígùn kan tó mọ́, mo fi pẹ́ńsù sàmì sẹ̀ntímítà sí i lára.

7. Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tí sẹ̀ntímítà kan jẹ́. Mo pa pọ́ǹpù, mo pọn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì láti ẹ̀rọ ilé ìdáná. Ojú omi inú táńkì fi sẹ̀ntímítà 5 wálẹ̀. Lítà 50 lọ, sẹ̀ntímítà 5 lọ. Nínú táńkì tiwa, sẹ̀ntímítà kan jẹ́ lítà 10. Ẹ má ṣe gbé iye tèmi o, ẹ wọn tiyín, torí táńkì ò fẹ̀ bákan náà.

8. Alẹ́ àkọ́kọ́: ní aago 10, mo ti gbogbo ẹ̀rọ pa, mo pa pọ́ǹpù láti ibi iná, mo pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ lo tọ́lẹ́ẹ̀tì, mo ki igi bọ táńkì. Aago 6 àárọ̀, ojú omi ti fi sẹ̀ntímítà 16 wálẹ̀. Lítà 160 láàárín wákàtí 8. Ìyẹn lítà 20 ní wákàtí kan, bíi kéèyàn máa da píọ́ wọ́tà kan nù ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, tọ̀sán tòru. Ó sún mọ́ ìdajì táńkì lójúmọ́.

9. Ohun tí alẹ́ yìí tún sọ ju lítà lọ. Ẹnikẹ́ni ò wẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọ abọ́, omi ṣì ń lọ. Tó bá jẹ́ páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí jáde ló ya ni, omi ò ní máa jò àfi tí a bá wẹ̀. Tó bá jẹ́ òrùlé ni, á dúró de òjò, ọyẹ́ la sì wà nígbà yẹn. Èyí wá láti ara páìpù tí omi máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Àkókò nìkan ló yọ nǹkan méjì kúrò, a ò sì tíì fọ́ nǹkan kan.

10. Alẹ́ kejì: mo ti fáàfù tó wà nídìí táńkì pa. Mo ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná kí n lè mọ̀ bóyá fáàfù náà ti dáadáa, torí fáàfù tó ti pẹ́ lè máa jẹ́ kí omi kọjá díẹ̀díẹ̀, ìdánwò rẹ á sì purọ́ fún ọ. Omi dá. Nígbà tó di aago 6, ojú omi ò yẹ̀. Ara táńkì ò jò nìyẹn. Alẹ́ kẹta: mo ṣí ti ìdí táńkì, mo ti fáàfù tó lọ sí ilé ìdáná pa. Sẹ̀ntímítà 16 tún lọ. Nǹkan tó dùn mí nìyí: páìpù tí wọ́n torí ẹ̀ fọ́ táìsì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti ilé ìdáná ni.

11. Ó ku tọ́lẹ́ẹ̀tì àti bálùwẹ̀. Mo da omi sóbò sínú táńkì kékeré ẹ̀yìn tọ́lẹ́ẹ̀tì, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí rọ́bà inú rẹ̀ bá ń jò, àwọ̀ pupa á yọ nínú àwo. Kò yọ. Lálẹ́, mo tún ti fáàfù kékeré rẹ̀ pa. Sẹ̀ntímítà 16 náà ló lọ.

12. Mo wá fi pẹ́ńsù fa ìlà yí etí ibi tó rin ká, mo kọ ọjọ́ àti aago sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ó ti kọjá ìlà. Ẹ má gbàgbé iná o: sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lókè ibẹ̀, mo ti pa iná tó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo délé.

13. Mẹ́sééjì tí mo wá fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan l'Ésìẹ́ rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ kú ọyẹ́. Ilé ìyá mi l'Ómù-Àrán ni mo fẹ́ kí ẹ bá wa wò.
Ohun tí a rí: ìsàlẹ̀ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ẹ̀yìn bálùwẹ̀, rin. Ó ga tó 30 sẹ̀ntímítà, ó fẹ̀ tó mítà kan. Omi ò ṣàn nílẹ̀.
Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù yìí. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ ìwẹ̀ ní bí ọjọ́ 10 ṣáájú. Òjò ò rọ̀ látìgbà náà.
Bó ṣe ń lọ: tọ̀sán tòru, bí a ò tilẹ̀ lo omi. Lítà 160 láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀.
Ohun tí mo ti yẹ̀ wò: mo ti ìdí táńkì pa, kò lọ mọ́. Mo ti ti ilé ìdáná pa, ó ṣì ń lọ. Mo da àwọ̀ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, kò yọ. Mo ti fáàfù rẹ̀ pa, ó ṣì ń lọ.
Ohun tí mi ò lè yẹ̀ wò: páìpù bálùwẹ̀, kò ní fáàfù tirẹ̀.
Ohun tí a ti fọ́: táìsì 3 ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yanrìn tutù, páìpù gbẹ.
Fọ́tò mẹ́rin ló tẹ̀ lé e: méjì láti òkèèrè, méjì láti itòsí pẹ̀lú rúlà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n rà sílẹ̀?"

14. Ẹ wò ó, kò síbi tí mo ti sọ pé "mo rò pé". Ọ̀gá náà pè mí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ẹ̀rọ ìwẹ̀ yẹn, ṣé idẹ ni àbí rọ́bà?" Mo ní idẹ ni, sà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ra ẹ́líbò tó ní ẹnu idẹ nínú, kí n ra téèpù funfun, òun ń bọ̀ lọ́la.

15. Nígbà tó dé, kò fọwọ́ kan táìsì kankan. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti gbẹ́ ògiri, ní ọ̀gangan ibi tí ẹ̀rọ ìwẹ̀ wà ní òdìkejì, torí símẹ́ǹtì àti ọ̀dà nìkan ló wà níhà ibẹ̀. Ihò náà ò ju àwo jíjẹ lọ. Ẹ́líbò rọ́bà ti sán. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀rọ yẹn fún ẹnu idẹ mọ́ rọ́bà jù, rọ́bà sì ń ya díẹ̀díẹ̀. Omi ń gba inú búlọ́ọ̀kù sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ògiri.

16. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún ki igi bọ táńkì. Aago 6, ojú omi wà níbi tó wà. Ẹ má ṣe fojú ògiri dájọ́ iṣẹ́ o. Ògiri wa ṣì rin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí a bá sì ti yára kùn ún, ọ̀dà á tún bó. Igi inú táńkì ló sọ òótọ́.

17. Mi ò sọ pé ọ̀nà yìí á mú gbogbo rẹ̀ o. Tí ibi tó ń jò bá kéré débi pé ojú omi ò fi sẹ̀ntímítà kan wálẹ̀ ní òru kan, igi ò ní rí i. Ẹ máa ka á fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá sì jẹ́ ìgbà tí ẹ bá wẹ̀ nìkan ló ń rin, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún púlọ́mbà, torí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

18. Mo pe púlọ́mbà àkọ́kọ́, mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni." Mi ò rí èsì fọ̀. Táìsì bàbá mi mẹ́ta ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, wọ́n ti fọ́ wẹ́wẹ́. Tí omi bá ń jò nílé yín lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ wá igi.