Ẹ Má Dá Tírélà Dúró Nítorí Ìrònú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀ sí mi. Àṣà kan ń gbilẹ̀ nínú àwọn ìtàn tí à ń kọ, n kò sì lè dákẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ kọ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí èsì ìdánwò, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé yóò gbé ọmọ náà dúró sójú kan, yóò sì ní kí ó máa ronú. Ọmọ náà yóò ronú títí ojú ewé kan yóò fi kún. Ọ̀nà yóò dákẹ́, ọjà yóò dákẹ́, ìyá tó ń pè é nínú ilé yóò pa ẹnu mọ́, títí ìrònú yóò fi tán. Àwa yóò sì máa yin òǹkọ̀wé pé ó mọ inú ènìyàn! Èmi kò bá wọn yìn ín. Lójú tèmi, ìrònú kò gbọdọ̀ gùn ju àyè tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń ronú fi sílẹ̀ fún un lọ. Ìrònú tí kò bá sì fi ojú ẹsẹ̀ kankan sílẹ̀ lára ohun tí ọwọ́ ń ṣe, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ láìkọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dàbí àlá, ẹ jẹ́ kí n mú ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ Wáẹ́kì gbé èsì ìdánwò ọdún náà jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́, bí 38 péré ni wọ́n ní ó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni àjọ náà ti ojú òpó tí a ti ń wo èsì pa, wọ́n ní àṣìṣe wà nínú bí a ṣe máàkì àwọn ìwé kan, àti pé ti Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, èsì tí a tún ṣe ti jáde, àwọn tó yege sì ti di bí 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo irú ọ̀sẹ̀ tí èyí jẹ́ fún ọmọ tó ti rí F9 nínú Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ Ajé, tí wọ́n wá sọ fún un kí ọ̀sẹ̀ tó parí pé ó lè má jẹ́ F9! Ta ni kò ní fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a pe ọmọ náà ní Àlàbí, kí a sì fi í sí Ajégúnlẹ̀. Gbogbo wa la mọ ibẹ̀. Àpápá ni èbúté wà, ibẹ̀ ni tírélà ń tò sí láti gbé ẹrù; Ajégúnlẹ̀ ló fara tì í, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ń gbé papọ̀; ọjà Bọ́ńdárì sì wà láàárín wọn, orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń sọ pé ààlà ni. Àlàbí ń ta omi inú ọ̀rá fún àwọn awakọ̀ tírélà. Ní ọjọ́ kan tí ojú òpó ṣì wà ní títì yìí, ó gbé ọpọ́n omi lérí, ó kọjá sí ìhà Àpápá.

Bí a ṣe sábà máa ń kọ ọ́ nìyí. Awakọ̀ kan na ọwọ́ jáde pé òun fẹ́ omi. Ní gẹ́lẹ́ ìgbà náà ni òǹkọ̀wé rántí pé Àlàbí ní ọkàn. Ó kọ ọ́ pé, ‘Àlàbí ronú nínú ọkàn rẹ̀ pé, Háà! Kí ni n ó ti ṣe ayé mi sí? Bí Gẹ̀ẹ́sì bá tún bọ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ojú wo ni n ó fi wo ìyá mi?’ Ó mú òwe mẹ́ta wọlé, ó rántí ọjọ́ tí bàbá kú, ó fi àdúrà dé e. Ẹ padà lọ wo awakọ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níta láti ìlà kejì! Ẹ̀rọ tírélà ń kù, ìlà ọkọ̀ ti sún síwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn ń tẹ fèrè, a kò sì jẹ́ kí ọkùnrin náà gba omi mu. Kì í ṣe pé ìrònú náà burú. Ìṣẹ́jú tí a fi ń rò ó ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún un kọ.

‘Awakọ̀ na igba náírà jáde láti ojú fèrèsé. “Fún mi ní méjì.” Àlàbí gbé ọ̀rá omi méjì lé e lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ṣẹ́ńjì. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé Ìṣirò kọ́ ló da òun, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó fa àádọ́ta náírà kan yọ. C4 ni òun ní nínú Ìṣirò. Ṣé wọn kò ní torí àtúnṣe gba ìyẹn náà lọ́wọ́ òun? Ó fa owó mìíràn yọ. Tírélà mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí sún. Àlàbí sáré tẹ̀lé e, ó ju owó náà wọlé. “Ọmọ, àádọ́ta mẹ́ta lo kó fún mi,” ni awakọ̀ wí, ó sì na ẹyọ kan padà sí i. “Ẹ ṣé, bàbá.” Ẹni tó gba C4!’

Omi méjì ní àádọ́ta àádọ́ta, ọgọ́rùn-ún ni. Ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí ó fi san ṣẹ́ńjì, ó sì fi àádọ́jọ sílẹ̀. Ìgbà kejì tí ó fa owó yọ, méjì ló lẹ̀ mọ́ra wọn. Àwa tí à ń kàwé kò rí i títí awakọ̀ fi sọ ọ́, nítorí Àlàbí pàápàá kò rí i: ibòmíràn ni ojú inú rẹ̀ wà. Ìrònú ti jáde síta, ó ti di owó. Kò sí ibi tí a ti sọ pé ẹ̀rù ń ba ọmọ náà, síbẹ̀ kò sí òǹkàwé tí kò ní mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni tírélà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun èlò tí èdè wa fi jíǹkí wa, tí a kò lò dáadáa. Ọ̀rọ̀ kékeré náà ni ‘òun’. Bí mo bá sọ pé ‘Àlàbí ní ó yege’, ó lè jẹ́ ẹlòmíràn ló yege. Bí mo bá sọ pé ‘Àlàbí ní òun yege’, ọ̀rọ̀ ti parí, ti ara rẹ̀ ló ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìyàtọ̀ yìí nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo báyìí. Nítorí náà, lẹ́yìn tí a bá ti wí lẹ́ẹ̀kan pé ‘ó ní nínú ara rẹ̀’, a kò nílò láti máa pa á ní àpatúnpa pé ‘ó ronú pé’, ‘ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé’, ‘ó tún rò ó wò pé’. A lè padà sídìí owó kíkà, kí a sì tún fi ‘òun’ kan ṣoṣo bọ́ sínú ọkàn Àlàbí, bí ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé tó ń jáde.

Àmọ́, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. ‘Òun’ kan náà ni à ń lò nígbà tí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ ẹnì kan, bíi ká wí pé ‘òun ló jí i’. Bí awakọ̀ náà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé òun ti pẹ́ lójú ọ̀nà, ‘òun’ ti di méjì, òǹkàwé yóò sì ṣìnà. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ‘mo’, kí ‘òun’ jẹ́ ti Àlàbí nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dàrú, ẹ ka ìpínrọ̀ náà sókè fún ẹni tí kò mọ ìtàn yín, kí ẹ sì bi í pé ta ni ‘òun’ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dúró wò kí ó tó dáhùn, ẹ tún un kọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ọmọ náà kúkú sọ ìtàn rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì ronú bó ti wù ú. Wọ́n á mú Ṣẹ̀gilọlá wá, tí I. B. Thomas kọ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín ọdún 1929 sí 1930, tí obìnrin Èkó náà fi lẹ́tà sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà ti jókòó. Ohun tó ń sọ ti kọjá. Bó ti wù kí ó ronú pẹ́ tó, kò sí tírélà kankan tó ń dúró dè é. Ẹni tó ń retí èsì kò tíì mọ òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lójú títì.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a yọ ìrònú kúrò pátápátá. Èmi kò sí lára wọn. Ìgbà kan wà tí ọwọ́ kò ní iṣẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí Àlàbí dé ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Bọ́ńdárì ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà. Wọ́n ti tẹ nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ sí i, nọ́ńbà mẹ́wàá. Wọ́n ti tẹ ọdún, wọ́n ti tẹ nọ́ńbà káàdì. Àmì róbótó kékeré wá ń yí lójú kọ̀ǹpútà, ó ń yí, ó ń yí. Ibí yìí ni kí ẹ ti jẹ́ kí ó ronú! Àyè ti ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó na ọwọ́ síta. Ẹ fún un ní gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó rántí ìyá rẹ̀ bó bá fẹ́.

Ṣùgbọ́n bí èsì bá ti ṣí, ẹ pa ìrònú náà, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ìlà mẹ́sàn-án ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé Àlàbí fi àtàǹpàkò bo ìlà Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn mẹ́jọ tó kù, títí kan àwọn tó ti mọ̀ lórí. Ẹ kọ ọ́ pé oníṣọ́ọ̀bù sọ pé, ‘Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ jàre, ẹlòmíràn ń dúró.’ Ẹ má sọ fún mi pé àyà rẹ̀ ń já. Mo ti rí àtàǹpàkò náà.

Nítorí náà, ẹ gbé ìtàn tó wà lọ́wọ́ yín jáde lálẹ́ òní. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ìrònú inú rẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè méjì nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni àwọn tó kù ń ṣe nígbà tí èyí ń lọ, kí sì ni ó yí padà? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn sí méjèèjì, ẹ pa á rẹ́. Awakọ̀ ti fẹ́ gba omi rẹ̀.