Jìgá: Ilẹ̀ Yàrá Ni Kí Á Wò

Ọyẹ́ ni ìgbà jìgá. Bí òjò bá ti dá, tí ilẹ̀ gbẹ, tí eruku pupa sì ń bo ewé ẹ̀bá ọ̀nà láti Tápà dé Ìgàngán, àkókò náà ni kòkòrò kékeré yìí ń gbilẹ̀ jùlọ. Kò sí òǹkàwé wa kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí kò dá wa lójú ni pé gbogbo wa mọ ibùgbé rẹ̀. Nítorí pé inú ẹsẹ̀ ni a ti ń rí i, a rò pé inú ẹsẹ̀ ni ó ń gbé, a sì ń fi ẹni tí ó ní i ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀bùn ni. Èrò tiwa ni pé ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó bá kan jìgá, ilẹ̀ ilé gan-an ni kí á wò.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọmọ ọdún méje kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ìgàngán, tí ó ń sùn lórí ẹní nínú yàrá tí a kò rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Abo jìgá tí kò gùn ju ojú abẹ́rẹ́ lọ fò láti inú eruku bọ́ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. Kòkòrò yìí kì í fò ga, ìdí sì nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ó máa ń mú. Ó ki orí bọ ara, ó wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ìdí rẹ̀ nìkan sí ìta láti máa fi mí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohun tí ìyá rí kò ju àmì pupa tí ń yún ọmọ lọ. Ní ọjọ́ mélòó kan sí i, àmì náà ti wú, ó funfun, ó rí roboto, ojú dúdú kan sì wà ní àárín rẹ̀. Ojú dúdú yìí ni kí á fi dá a mọ̀. Ẹ̀gún náà a máa dúdú, ṣùgbọ́n ẹ̀gún kì í tóbi sí i lójoojúmọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ikùn kòkòrò náà ti kún fún ẹyin, ó sì ti tóbi tó ẹyọ ẹ̀wà kan lábẹ́ awọ ọmọ náà. Láti ojú dúdú yẹn ni yóò ti máa ju ẹyin jáde fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹyin 100 sí 200. Lẹ́yìn náà ni yóò kú sí ojú ibẹ̀, tí èépá dúdú yóò bò ó, tí ara yóò sì lé e jáde. Bí a bá ti rí èépá dúdú, iṣẹ́ ibi ti parí ní ojú kan náà. Ṣùgbọ́n kò tí ì parí nínú yàrá.

Níbo ni ẹyin wọ̀nyí bọ́ sí? Orí ilẹ̀ ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n pa, wọ́n di ìdin tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí. Ìdin náà ń jẹ ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ inú eruku, ó ń fi iyanrìn wé ara rẹ̀, ó sì di jìgá tuntun ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àwọn olùwádìí bá ìdin jìgá nínú erùpẹ̀ yàrá tí àwọn ọmọdé ń sùn sí. Ẹ rí i nígbà náà pé ọmọ tí ó ní jìgá lónìí ni ó ń gbin èyí tí yóò mú àbúrò rẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀, lórí ẹní kan náà.

Kòkòrò yìí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ìhà gúúsù ni ó ti wá. Ní ọdún 1872, ọkọ̀ òkun kan tí ó kó iyanrìn láti Ríò dé Jàneírò gbé e dé Ambírìsì ní etíkun Àǹgólà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká Áfíríkà lẹ́sẹ̀ àwọn oníṣòwò àti àwọn ọmọ-ogun. Ohun tí ó bá ọkọ̀ wá tí kò sì bá ọkọ̀ padà, kò yẹ kí á gbà á bí àyànmọ́.

Ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jùlọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ wa wá láti Ẹrẹ́kítì, abúlé kan ní agbègbè Àgbádárìgì. Ọ̀mọ̀wé Ugbomoiko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹsẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ tí ó lé ní 600 wò, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2007. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó lé ní 40 tí ó ní jìgá. Wọn kò dúró lórí kíka ẹsẹ̀ nìkan. Wọ́n wo ilé, wọ́n wo ẹran ọ̀sìn, wọ́n bèèrè bàtà. Ìṣirò wọn ni pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin jìgá abúlé náà ni ó so mọ́ ilẹ̀ yàrá tí ó jẹ́ iyanrìn tàbí amọ̀. Àìwọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ kó nǹkan bí ìdajì, ẹlẹ́dẹ̀ tí ń rìn kiri inú àgbàlá sì kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kí olùkọ́ ìṣirò má ṣe sọ pé àròpọ̀ wọn ju odindi kan lọ: ọmọ kan náà lè sùn lórí erùpẹ̀, kí ó má wọ bàtà, kí ẹlẹ́dẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé wọn.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí bàtà, nítorí bàtà ni ẹ̀bùn tí àwọn olóṣèlú fẹ́ràn láti pín. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀bùn. Bàtà tí ó bo ọmọ ìka ń ran ni lọ́wọ́. Sálúbàtà kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dán an wò ní Madagásíkà: wọ́n fún àwọn kan ní bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, wọ́n fún àwọn mìíràn ní òróró kan tí a fi òróró àgbọn ṣe, kí wọ́n máa fi pa ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Òróró náà borí bàtà pátápátá. Kì í ṣe pé bàtà burú. Àwọn ènìyàn kì í wọ̀ ọ́ nígbà gbogbo ni. Ta ni ó ń wọ bàtà sùn? Ọmọ tí ó wọ bàtà lọ sí ilé-ìwé a bọ́ ọ sí ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sán, a sì wọ inú yàrá tí jìgá ti ń dúró dè é. Láti máa pín bàtà kí á sì fi ilẹ̀ yàrá sílẹ̀, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Kí wá ni kí á fi ilẹ̀ yàrá ṣe? Yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní gígùn àti mẹ́wàá ní fífẹ̀, bí a bá rẹ́ ẹ ní ìwọ̀n íńṣì méjì, tí a po sìmẹ́ńtì kan mọ́ iyanrìn mẹ́fà, àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta yóò tó o. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a lè lu ilẹ̀ amọ̀ kí ó le, kí ó sì fi bọ́tọ́ pa á bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe; ṣùgbọ́n kí ó máa wo ibi tí ó bá ń sán, kí ó sì tún un pa, nítorí inú ibi tí ó sán ni eruku ń kó sí. Kí a gbé ẹní sókè lójoojúmọ́, kí á wọ́n omi sí ilẹ̀ kí á tó gbá a, ní pàtàkì abẹ́ ẹní àti abẹ́ ibùsùn. Ní Ẹrẹ́kítì, àwọn tí ń fín oògùn kòkòrò sí inú ilé kò ní jìgá tó àwọn yòókù. Ẹni tí ó bá fín in lẹ́ẹ̀kan kí ó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, nítorí èyí tí ó ti fi iyanrìn bo ara rẹ̀ kì í sábà kú ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ gbọdọ̀ wà nínú ọgbà. Ajá kò gbọdọ̀ bá ọmọ sùn; jìgá ń wọ àtẹ́lẹsẹ̀ òun náà.

Ní ti ẹsẹ̀ tí jìgá ti wọ̀, ohun tí a ń rí nínú ilé ń bà wá lẹ́rù. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni a fi ń yọ ti gbogbo ọmọ agbolé, láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ti ń kan ti ẹlòmíràn, àrùn ẹ̀dọ̀ àti éèdì lè bá a lọ. Bí kòkòrò náà bá bẹ́ sínú, tí orí rẹ̀ kù síbẹ̀, ojú ibẹ̀ a máa kẹ̀. Láti inú irú egbò bẹ́ẹ̀ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ há, ti ń wọ ara ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí jìgá bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, kí a fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀, kí a fi iná sun abẹ́rẹ́ tí ó jẹ́ ti ọmọ náà nìkan kí ó pọ́n, kí ó sì tutù, kí a fi la ẹnu ihò náà yí ká, kí a yọ odindi rẹ̀, kí a sì fi oògùn apakòkòrò nu ojú ibẹ̀. Bí ó bá pọ̀, kí a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Kẹrosíìnì àti oògùn tí a fi ń pa kòkòrò oko kì í ṣe oògùn ara. Wọ́n ń jó awọ, awọ sì ń fà wọ́n mu. Òróró kan wà tí a ń pè ní dimẹtikóónù, tí ó ń dí ihò tí jìgá fi ń mí. Nínú ìdánwò kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 ní Kẹ́ńyà, láàárín ọjọ́ méje, ó pa jìgá 78 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí omi oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ pa 39. Kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ọmọ kò sì ní sunkún.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ń rí ọmọ tí ń fi gìgísẹ̀ rìn nítorí pé ọmọ ìka ń dùn ún. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ wò lọ́jọ́ Ajé bí ẹ ti ń yẹ èékánná wò, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe ní orí ìlà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí a bá fi jìgá ṣe ẹlẹ́yà kì í padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ má sì gbàgbé ilẹ̀ kíláàsì. Bí ó bá ti họ, tí ó di eruku, jìgá lè máa gbé ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, a ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ ará Ìdèrè gbà pé sòbìà wà nínú ara olúkúlùkù láti ọjọ́ ìbí. Ìgbà tí a mú omi mímọ́ wá, tí a sì fi aṣọ sẹ́ omi adágún, ni a rí i pé inú omi ni ó ti ń wá. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Omi ni a tún ṣe nígbà náà. Ilẹ̀ ni ó kàn báyìí. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tí ń du ipò ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá bá dé Ìgàngán tòun ti bàtà lọ́wọ́, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bi í léèrè mẹ́ta: ilé mélòó ni wolé-wolé yóò wọ̀ kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ tó dé, àpò sìmẹ́ńtì mélòó ni ó kọ sínú ìwé ìnáwó fún ilẹ̀ yàrá àwọn tí kò lágbára, àti pé ọjọ́ wo ni òróró jìgá yóò wà ní ilé ìwòsàn ìlú náà. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.